Àdúrà Orógbó Lábẹ́ Ìbòrí

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù, òṣìṣẹ́ ìlú tó ń rí sí orúkọ ọmọ, kò fọwọ́ kan orógbó náà. Ó kàn nawọ́ sí i ni, níbi tó wà láàárín oyin àti iyọ̀ nínú àwo funfun. Ó ń wo Ìbídùn bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ kò dùn ún gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú ń pè ní Agbọ́rọ̀ ti wà lára ògiri, ó rí pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun, iná àwọ̀ ewé kan sì ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ wọn.

Ìbídùn ni àgbà ilé náà. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Fọláwẹ, Fọláwẹ sì ni bàbá ọmọ tuntun tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ láàárọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wúre fún ọmọ ní Òkè-Ìbòòji, débi pé àwọn tó kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ ti ń gbé ọmọ tiwọn wá bá a.

“Kí ló dé tí n ó fi mú un kúrò?” ó béèrè.

“Èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti dé. Ó kúrú.”

Ìbídùn bojú wẹ̀yìn. Fọláwẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Fọláwẹ, o mọ̀?”

“Àná ni wọ́n sọ fún àwa méjèèjì, Màmá. Wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó lè má gbé e kọjá ìgbà ọ̀dọ́. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún yín.”

Bí wọ́n bá ti bí ọmọ lábẹ́ Ìbòrí tó ń dá oòrùn dúró lórí ìlú, wọn á gún un ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ẹ̀kán omi á wọnú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì sọ bí ara náà ṣe lè pẹ́ tó. Ìbídùn ti bá ọ̀pọ̀ òbí yọ̀ nítorí èsì yẹn. Kò tíì sí èyí tó wọ ilé tirẹ̀ báyìí rí.

“Ẹ fi omi wúre,” Sàláwù wí, “ẹ fi oyin, ẹ fi iyọ̀, ẹ fi obì. Ẹ bá a tọrọ ìwà títí ọ̀sán fi máa pọ́n, kò sí ẹ̀rọ tó mọ ìwà ọmọ kà. Àmọ́ Òfin Ọ̀rọ̀ Òtítọ́ sọ pé a ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún ọmọ ohun tí èsì ẹ̀ ò gbà. Bí ẹ bá fi orógbó wúre, Agbọ́rọ̀ ò ní kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.”

“Bí kò bá kọ ọ́ ńkọ́?”

“Ilé ìwòsàn á máa tọ́jú ẹ̀, wọn kì í lé aláìsàn. Ṣùgbọ́n omi tí ìyá ẹ̀ ń gbà ni wọn ó jọ máa mu. Kò ní láyè tiẹ̀ nílé ìwé. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀rọ, ìlú ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ò sì ní wúre fún ọmọ kankan lábẹ́ Ìbòrí mọ́.”

“Òfin tó le gan-an nìyẹn, ọmọ mi.”

“Màmá, ṣé ẹ rò pé ìkà ni wá?” Sàláwù fà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ kan, ṣáájú òfin yìí. Ọmọ náà ń ṣàìsàn látìgbà tí wọ́n ti bí i, gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀ a kó ara wa jọ, a ń pariwo pé á gbó, á tọ́. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ò bá ikú jà. Àwa tá a ṣe àṣẹ ló bá jà. Ó ní a mọ̀, a sì jẹ́ kí òun gbà gbọ́. Títí di òní, bó bá rí mi lójú títì, á yà sọ́nà mìíràn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jọ ti òmùgọ̀ létí Ìbídùn. Ó mú orógbó náà nínú àwo, ó fi í sínú gèlè tó ká lé èjìká, ó sì wọ yàrá lọ.

Mosúnmọ́lá, ìyá ọmọ, jókòó sórí ibùsùn, ọmọ náà ń mu ọmú lọ́yàn rẹ̀. Ládipọ̀, ẹ̀gbọ́n Mosúnmọ́lá, fara ti fèrèsé. Ìbòrí bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀ bí agboòrùn ńlá, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá pupa díẹ̀, ó sì tù ní ara. Lẹ́yìn rẹ̀, ní pápá, oòrùn ti ń jó ilẹ̀ látìgbà tí ojúmọ́ ti mọ́.

“Ẹ ti mú un kúrò,” Mosúnmọ́lá wí. Kò béèrè, ó ti rí ọwọ́ Ìbídùn lórí gèlè.

“Mo mú un kúrò nínú àwo. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo mú un kúrò nínú ọ̀rọ̀.”

“Ojú àwo làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wò báyìí kí wọ́n tó wo ojú ọmọ. Bí wọ́n bá ti wọlé tí wọn ò rí orógbó, ó parí. Wọn á máa kẹ́dùn, wọn á máa pọ́n mi lé. Lọ́la, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ wọn bá a ṣeré, kó má lọ di pé ó bá a mọra jù.” Ó nu ojú. “Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kó lómi, Màmá. Mo fẹ́ kó láyè nílé ìwé. Mi ò mọ èyí tó burú jù.”

Ládipọ̀ kúrò lójú fèrèsé. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé èsì tiẹ̀ náà kúrú. Láàárín àwọn ọmọ tí òfin náà kọ́kọ́ bá ni ó wà. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ láìsí orógbó, ní ilé ìyá wọn ní ìsàlẹ̀ òkè. Ìgbà tí ẹ̀rọ sọ pé yóò lọ ti kọjá sẹ́yìn díẹ̀, ó ṣì ń bẹ, ó ń gbé àpò yanrìn ní ẹnubodè. Ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọ̀la.

“Màmá, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí,” ó wí. “Ikú kọ́ ló yọ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń tún Ìbòrí ṣe. Ọ̀gá wọn wo ọrùn ọwọ́ mi níbi tí wọ́n kọ èsì mi sí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣẹ́ náà máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kéèyàn tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kọ́ èdè, wọ́n ní kí n kọ orin. Bí mo bá ṣe àìdáa, ẹnikẹ́ni ò bá mi wí. Ṣé ẹ gbọ́? Wọn ò bá mi wí. Bàbá mi gan-an á ní, ‘Ẹ fi í sílẹ̀, kó gbádùn ara ẹ̀.’ Èmi ni mo ń bá ara mi wí. Wọ́n bá mi tọrọ ìwà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, ẹ̀rọ náà gba ohùn wọn sílẹ̀, mo ti gbọ́ ọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní sùúrù láti dúró kí ìwà náà hù.”

Ìbídùn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mosúnmọ́lá. Ọmọ náà ti fi ọmú sílẹ̀, ó ń wo òfuurufú bí àwọn ọmọ tuntun ṣe ń wo nǹkan, láìbínú, láìyọ̀.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe, Ládipọ̀?”

“Ẹ má parọ́ fún un. Ẹ má sọ pé á pẹ́. Ẹ kàn bá a bẹ̀bẹ̀ kó pẹ́ ni.”

Ó jọ bí ẹni pé wọ́n ṣí nǹkan kan lójú Ìbídùn. Láti ọjọ́ tó ti ń wúre, kò tíì sọ fún ọmọ kankan rí pé “wàá gbó.” Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni “kí o gbó.” Àwọn tó ṣòfin ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì pè é ní ìlérí. Bó bá ṣàlàyé ìyẹn fún Agbọ́rọ̀, kò ní yí nǹkan kan padà. Ọ̀rọ̀ orógbó nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n òun alára ti mọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

“Mosúnmọ́lá, ọmọ rẹ ni,” ó wí. “Bí o bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é.”

Mosúnmọ́lá gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ síta. Lábẹ́ Ìbòrí, òjò kì í rọ̀ sórí ilé, òrùlé ọ̀pọ̀ ilé sì jẹ́ aṣọ títa. Ṣùgbọ́n lókè ilẹ̀kùn ilé yìí, wọ́n kan páànù kan ṣoṣo mọ́ ògiri, ó ti dípẹtà, kò wúlò fún ohunkóhun àfi ọjọ́ báyìí. Ìbídùn dúró sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Fọláwẹ bu omi tútù sínú igbá, ó dà á sórí páànù. Omi náà ṣàn, ó kán sílẹ̀ bí òjò, ó ba ọmọ náà lórí àti láyà. Ọmọ fi igbe ta.

“Ó ti dé!” àwọn èèyàn kígbe. “Ó gbọ́! Ó ti mọ̀ pé òun ti délé ayé!”

Ìbídùn tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì, kí ilẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n wọlé. Yàrá náà kún. Ojú gbogbo wọn lọ sórí àwo, ó kúrò níbẹ̀ kíá, ariwo inú yàrá sì rẹlẹ̀. Mosúnmọ́lá rí i.

Ìbídùn jókòó sórí àpótí, ọmọ lórí itan rẹ̀. Ó ti ìka bọ inú omi, ó kan ètè ọmọ.

“Omi nìyí, ọmọ tuntun.
Ó tutù, kì í bínú sí ohun tó wà lọ́nà ẹ̀,
bó bá kan òkúta, á yí i ká, á máa lọ.
Kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tutù báyìí.
Kí inú rẹ mọ́ gaara, kí a máa rí ìsàlẹ̀ ẹ̀.
Ibi tí o bá wọ̀, kí ara tu àwọn tó wà níbẹ̀.”

“Àṣẹ!”

Iná Agbọ́rọ̀ dúró ní àwọ̀ ewé. Igbá omi lọ sọ́dọ̀ ìyá, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá, ó yí gbogbo ilé ká; oníkálùkù mu díẹ̀, torí ohun tí ọmọ bá tọ́ wò, gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ bá a tọ́ ọ wò. Ìbídùn fi ìka kan oyin.

“Oyin nìyí.
Ọ̀pọ̀ kòkòrò ló fò jìnnà kí ó tó dùn.
Kí o mọ ẹni tó ṣe ọ́ lóore.
Kí orúkọ rẹ máa dùn lẹ́nu ẹni tó rí ọ
àti lẹ́nu ẹni tó kàn gbọ́ nípa rẹ.”

“Àṣẹ!”

“Iyọ̀ nìyí.
Bó bá ti wọ ọbẹ̀, a kì í rí i mọ́,
ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.
Kí oore rẹ rí bẹ́ẹ̀.
Kí o máa ṣe é, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ máa wò ọ́.”

“Àṣẹ!”

Ó mú obì, ó là á, ó fi awẹ́ kan kan ètè ọmọ náà.

“Obì nìyí. Obì, bá wa bi irọ́ dànù lẹ́nu ẹ̀.
Bá wa bi ojúkòkòrò dànù lójú ẹ̀.
Bá wa bi ìmẹ́lẹ́ dànù lọ́wọ́ ẹ̀.
Bó bá ṣìnà, kí ó gbọ́ ìbáwí,
kí ó má sì sí ọjọ́ tí yóò wá ẹni tó máa bá a wí tì.”

“Àṣẹ!” Ohùn Ládipọ̀ ló le jù nínú gbogbo wọn.

Epo pupa kọjá, ataare kọjá, oníkálùkù jẹ nínú ẹ̀. Sàláwù tí ń kíyè sí i láti ẹ̀gbẹ́ ògiri mí kanlẹ̀. Ó ti ń ro pé ó parí. Ìgbà náà ni Ìbídùn tú etí gèlè.

“Màmá,” Sàláwù wí jẹ́jẹ́.

“Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó sì dùn mí.” Ó gbé ojú sókè, ó wo gbogbo èrò. “Èsì ọmọ yìí kúrú. Mo sọ ọ́ ní gbangba kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo tàn án. Nígbà tí a bẹ̀bẹ̀ fún ìwà nísinsìnyí, ta ló mọ̀ bóyá yóò ní in? A ò mọ̀. Àwa tá a ṣe àṣẹ la máa kọ́ ọ, la máa bá a wí, la máa dúró tì í títí yóò fi hù. Ara ẹni tó ṣe àṣẹ ni àdúrà ń dì mọ́. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ báyìí rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní lè dúró ti ọmọ yìí bí ẹni tó máa pẹ́, kó má dáhùn. Mi ò ní bínú.”

Ó gé orógbó jẹ, ó fi èyí tó kù kan ètè ọmọ náà. Ojú ọmọ náà fún pọ̀ sí ìkorò rẹ̀.

“Orógbó nìyí.
Ó korò, a ò fi pamọ́ fún ọ.
Orógbó, jẹ́ kí ó gbó.
Kí o gbó, kí o tọ́.
Kí eyín rẹ hù, kí ó ká, kí o fi ẹ̀rìgì rẹ́rìn-ín.
Kí irun rẹ funfun lójú àwọn tó jọ bí ọ.
Kí o sin mí, kí o sin ìyá rẹ, kí o sin bàbá rẹ,
kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sin ọ́.
Kí a kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó pẹ́,
kí o pẹ́ títí wàá fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ lọ.”

Agbọ́rọ̀ di pupa. Ohùn kan tó rọ̀, tí kì í ṣe ti ọkùnrin tàbí obìnrin, wí pé, “Àdúrà yìí kò bá èsì mu. Ẹni tó bá dáhùn ti fọwọ́ sí i.”

Ẹnikẹ́ni kò ṣe àṣẹ. Obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Ìbídùn ti mọ̀ pé ó lè rí báyìí. Àdúrà tí a ò dáhùn, ó dàbí ẹrù tí ẹnì kan gbé ka orí láìsí ẹni tó máa sọ̀ ọ́. Yóò kàn dúró síbẹ̀ ni.

Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lóhùn kan náà, láìkánjú. “Orógbó nìyí. Ó korò, a ò fi pamọ́ fún ọ.”

“Àṣẹ,” Ládipọ̀ wí.

“Àṣẹ,” Mosúnmọ́lá wí.

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ẹlòmíì. Wọn ò pọ̀. Àwọn kan ń wo Fọláwẹ, torí òun ni bàbá ọmọ, òun ni yóò sì dárúkọ. Kò ṣe àṣẹ. Ó dìde, omijé ti bò ó lójú. Gbogbo wọn mọ orúkọ tó ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ṣáájú: Ìwàlérè ni, orúkọ tó dáa, tí kò lè dá wàhálà sílẹ̀.

“Ìwàlérè lorúkọ tí mo mú wá,” ó wí. “Ó ṣì wà fún un, mi ò mú un kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tí n ó máa pè é…” Ó gbé ọmọ náà kúrò lórí itan Ìbídùn, ó sọ ọ́ sí i létí kó tó sọ ọ́ sókè. “Bámitálẹ́. Bámitálẹ́ lorúkọ ẹ̀. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni.”

“Bámitálẹ́!” wọ́n pè é, bí àṣà ti rí, kí gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀ lè mọ orúkọ náà. Àwọn tí kò ṣe àṣẹ gan-an pè é. Agbọ́rọ̀ wà ní pupa síbẹ̀. Ìbídùn fi oríkì kún un, ó ní Àyìnkẹ́ ni, kí a máa yìn ín ká sì máa kẹ́ ẹ. Awẹ́ orógbó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn èèyàn ń gé e jẹ, wọ́n ń fún ojú pọ̀.

Sàláwù yọ Agbọ́rọ̀ lára ògiri, ó dì í sínú àpò. Kò bínú, ó jọ ẹni tó rẹ̀.

“Mo máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, Màmá. N ó kọ pé ẹ sọ èsì ní gbangba. Bóyá wọ́n á gbọ́, bóyá wọn ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ wúre mọ́ lábẹ́ Ìbòrí.”

“Mo mọ̀. O ṣeun.”

Ó lọ. Èrò náà tú díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Fọláwẹ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ náà sì fún un ní ti èèyàn méjì, kò fún un ní ti ọmọ. Mosúnmọ́lá pín in sínú ìkòkò kékeré. Ọ̀gá àwọn tó ń tún Ìbòrí ṣe kò wá gba Ládipọ̀ síṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wá láti sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ládipọ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìka mú, ọmọ náà ń dì í mú, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe.

Ìbídùn ń fọ àwo funfun náà nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ló dúró níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku pápá, ó fi aṣọ wé orí àti ojú nítorí oòrùn. Inú rẹ̀ ti yọ síwájú gan-an. Kì í ṣe ará Òkè-Ìbòòji.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wúre tó di pupa.”

“Èmi ni. Wọlé, oòrùn ti pa ọ́.”

Kò wọlé. “Ẹ̀yìn Ìbòrí là ń gbé, ní ìsàlẹ̀ àpáta. Wọn ò tíì ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú mi, a ò sì fẹ́ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n a ò ní àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ náà.” Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. “Wọ́n sọ pé ẹ ò lè wúre lábẹ́ Ìbòrí mọ́. Níbi tiwa, kò sí Ìbòrí.”

Ìbídùn wo ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè, ibi tí ìmọ́lẹ̀ pupa ti parí tí funfun oòrùn sì bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rìn lábẹ́ oòrùn yẹn látìgbà ọmọdé. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

“Jókòó ná, mu omi,” ó wí. “Lẹ́yìn náà, sọ fún mi irú nǹkan tí ẹ ní nílé. Ṣé ẹ ní iyọ̀?”